Afárá irin wa ń wọ́ lọ́sàn-án, ó ń tọ́ padà láàárọ̀: ṣé ooru ni?

Ọmọ Adìgbẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní àdúgbò wa lọ́nà Adìgbẹ níbí ní Abẹ́òkúta. Irin ni wọ́n fi ṣe é, mítà 24 ni láti etí kan dé èkejì, òpó kọnkéré méjì sì gbé e láàárín, tó fi jẹ́ mítà 8 ló wà láàárín òpó sí òpó. Bíìmù méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré bo orí wọn mọ́ inú ògiri ní etí méjèèjì. Àárọ̀ ọyẹ́ ni wọ́n gbé e sí i. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń rí i pé tó bá di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, àwọn bíìmù náà á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ wọ́n á ti tọ́ padà. Ògiri etí kan ti sán. Ẹni tó kọ́ ọ ní kí a lọ ra bíìmù tó nípọn ju èyí lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àlàfo mélòó ló sì yẹ kó wà níbẹ̀?

Wẹ́dà Lafẹ́nwá

Àbúrò, wọn ò fi àlàfo sílẹ̀ ni. Ínṣì kan ni àwa máa ń fi sílẹ̀ níbi gbogbo, kò sì tíì já wa kulẹ̀ rí. Ẹ gé etí kan, ẹ fi ínṣì kan sílẹ̀, ó parí. Kò sí ìwé tí ẹ fẹ́ kà lórí ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì

Ooru ni. Irin a máa gùn sí i tó bá gbóná, mítà 24 sì gùn jù, ìdí nìyẹn tí ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n gé e sí mẹ́ta lórí àwọn òpó, mítà 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jó etí kọ̀ọ̀kan mọ́ orí òpó gírígírí. Ìfúnpọ̀ yẹn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ìyá Olóńjẹ Kútọ̀

Ẹ ṣeun gan-an fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ àlàfo orí afárá ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Irin tí wọ́n tẹ́ sórí ibẹ̀ ti yọrí sókè, ó ti gé táyà ọkọ̀ tó ń kó ọjà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ooru ló ń gbé e sókè ni àbí kí ni? Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Bàbá Afárá

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín yàtọ̀. Irin tó yọrí sókè lórí jọ́ìǹtì, lọ́pọ̀ ìgbà, bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ ló ti já tàbí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ló ti fọ́ nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń gbá a lójoojúmọ́. Tí ooru bá lọ́wọ́ sí i, a jẹ́ pé yanrìn àti òkúta ti dí inú àlàfo náà, tí kò sì rí ibi tì mọ́. Ìjọba ló ni àtúnṣe ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́, o gba ìdajì. Irin tó gùn máa ń fẹ́ gùn sí i púpọ̀ ju kúkúrú lọ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ inú irin tí a dì mú ní etí méjèèjì kò mọ bí irin náà ṣe gùn tó. Wò ó báyìí. Tí irin bá gbóná ju ìgbà tí wọ́n gbé e sí i lọ ní dígírì 35, mítà 24 fẹ́ gùn sí i ní mílímítà 10. Mítà 8 fẹ́ gùn sí i ní mílímítà 3.4. A sọ fún àwọn méjèèjì pé wọn ò gbọdọ̀ mira. Mílímítà 10 tí a fún padà sínú mítà 24, àti 3.4 tí a fún padà sínú mítà 8, ìpín kan náà ni ó kan mítà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ìfúnpọ̀ kan náà ni. Nínú ìṣirò yìí, σ ni ìfúnpọ̀, E ni bí irin ṣe le tó, α ni bí mítà kan ṣe ń gùn sí i fún dígírì kan, ΔT sì ni iye dígírì tó fi gbóná sí i:

```
σ = E × α × ΔT
  = 200000 × 0.000012 × 35
  = 84 N/mm²
```

Kò sí L, ìyẹn gígùn irin, níbẹ̀. Ẹ mú un lọ́kàn pé dígírì kọ̀ọ̀kan ń mú níútọ̀nù 2.4 wá sórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gé e sí mẹ́ta tí ẹ tún jó o mọ́lẹ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ibi tí gígùn ti ń ṣiṣẹ́ ni àlàfo, nígbà tí a bá fún irin náà láyè.

Ọmọ Adìgbẹ, kí n tó sọ̀rọ̀ sí i, bíìmù wo ni? Kí ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀? Ṣé irin kankan so bíìmù méjèèjì pọ̀ láàárín òpó? Na okùn láti òpó kan sí èkejì láago méje àárọ̀ àti láago méjì ọ̀sán, kí o wọn bí ó ṣe wọ́ tó. Tí o bá rí tẹ̀mómítà tí wọ́n ń yìn bí ìbọn, wọn ìgbóná irin fúnra rẹ̀, má ṣe wọn ti afẹ́fẹ́.

Ọmọ Adìgbẹ

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ò ní rẹ̀ wá o. 254×146 ni, kílò 31 fún mítà kan, mo rí i lórí ìwé tí wọ́n fi ra á. Pákó ni wọ́n tò sórí rẹ̀, wáyà ni wọ́n sì fi so ó. Kò sí irin kankan láàárín bíìmù méjèèjì àfi lórí òpó nìkan. Mo na okùn náà: láàárọ̀ kò sí nǹkan kan, lọ́sàn-án ó wọ́ ní bí ínṣì méjì ní agbedeméjì òpó sí òpó. Irin náà jẹ́ dígírì 55 lọ́sàn-án, ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn ún. Ní àárọ̀ tí wọ́n gbé e sí i, ọyẹ́ mú gan-an, n kò rò pé ó ju 20 lọ.

Páànù Ìtòkú

55 kéré o. Páànù orí ilé tí mo wọ̀n ní oṣù kejì, 65 ni mo rí. Ẹ fi 65 ṣe é.

Ẹnjiníà Òkè-Mosàn

Bàbá, mo kí yín. Mo fẹ́ fi kiní kan kún un. 84 yẹn ni òkè rẹ̀ pátápátá, tí ògiri kò bá mira rárá tí bíìmù náà sì tọ́ gbọnrangandan. Afárá yìí kò tọ́, ó ti wọ́. Tó bá ti wọ́, kò lè ti ògiri pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn mọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kò dá mi lójú pé ooru nìkan ló la ògiri náà. Omi òjò tó ń rin ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri máa ń tì í láti ẹ̀yìn náà.

Bàbá Afárá

Ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ yín yìí gan-an ló gbé gbogbo ẹjọ́ náà ró, ó sì ni ìdí tí ìmọ̀ràn bíìmù tó nípọn fi burú. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tọ̀ ọ́.

Bíìmù yẹn ní mílímítà onígun mẹ́rin 3,970 tí a bá gé e wò lójú. Tí kò bá wọ́, 84 ìlọ́po 3,970 jẹ́ níútọ̀nù 333,000, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 34 tí bíìmù kan ṣoṣo ń fi ti ògiri. Kò sí ògiri etí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún irú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n bíìmù yìí tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Nínú tábìlì irin, òṣùwọ̀n r rẹ̀, tó ń sọ bí irin ṣe lè kọ wíwọ́ tó, jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 34 ní ìhà tó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Mítà 8 sì wà láàárín òpó láìsí ohun tó dì í mú, ìyẹn ni L níbí. Ìgbóná tó máa mú kí irú irin bẹ́ẹ̀ wọ́ nìyí:

```
ΔT = π² / (α × (L/r)²)
   = 9.87 / (0.000012 × 235²)
   ≈ 15 °C
```

Dígírì 15 péré. Kí aago mọ́kànlá tó lù ni ìyẹn ti pé nínú oòrùn. Láti ibẹ̀ lọ, bíìmù kò ti ògiri ju bó ṣe ń tì í tẹ́lẹ̀ lọ: ní dígírì 15, ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 15 tí kò tó. Gbogbo gígùn tó bá kù ló ń fi wíwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbé jáde. Wíwọ́ yẹn ni ó fi ń dá ara rẹ̀ nídè.

Ẹ tún wo okùn tí ọmọ yìí nà. Tí ògiri kò bá mira rárá, dígírì 20 tó kù ó yẹ kó mú un wọ́ ní bíi mílímítà 79, ínṣì mẹ́ta lé díẹ̀. Ínṣì méjì ló rí. Níbo ni èyí tó kù gbà lọ? Àwọn ògiri ti yẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ìṣirò mi, yíyẹ̀ méjèèjì papọ̀ ju mílímítà 3 lọ díẹ̀. Àfojúbùwọ̀n ni o, torí bíìmù tuntun náà kì í tọ́ tán, pákó orí rẹ̀ sì ń fà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n mílímítà 3 tó láti la kọnkéré tí irin inú rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ti bíìmù tó nípọn: tí wọ́n bá mú 254×146 tó jẹ́ kílò 43, ojú rẹ̀ jẹ́ 5,480, r rẹ̀ sì jẹ́ 35. Ó máa wọ́ ní dígírì 16 dípò 15, kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ tọ́ọ̀nù 21 ni yóò fi máa ti ògiri dípò 15. Ẹ náwó kí ògiri lè yára wó ni ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì

Ó yé mi báyìí, ẹ ṣeun sà. Nígbà náà, ṣé kí wọ́n kúkú jó irin ìdábùú sáàárín bíìmù méjèèjì ní mítà méjì-méjì, kí wọ́n má baà wọ́ mọ́?

Bàbá Afárá

Rárá o, má ṣe fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, irin ìdábùú tó kọjá tààrà nìkan kò ní dá nǹkan kan dúró, bíìmù méjèèjì á kàn wọ́ lọ sí ìhà kan náà pa pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní irin tó fì láti igun dé igun. Èkejì, èyí tó léwu jù: tí o bá fi irin dì í dáadáa kí o tó tú etí rẹ̀ sílẹ̀, o ti gba ọ̀nà tó fi ń sá lọ́wọ́ rẹ̀. Tọ́ọ̀nù 15 yẹn á di 34 lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Irin ìdábùú á wá tẹ̀lé e, torí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn náà lè mú kí bíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fì.

Arìnrìn-àjò Ládẹ̀rìn

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí ń dà mí láàmú. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí à ń wọ̀ ní Ládẹ̀rìn, n kì í gbọ́ gbà-gbà tí a máa ń gbọ́ nínú ti àtijọ́. Wọ́n ní àwọn irin òde òní, wọ́n máa ń jó wọn pọ̀ lọ gbọọrọgbọ ni, láìsí àlàfo. Kí ló dé tí wọn kò wọ́?

Bàbá Afárá

Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Irin rélùwéè tí a jó pọ̀ bẹ́ẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ dì í mú ni. Ìfúnpọ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án: tí ìgbóná bá lé ní dígírì 30 lórí irin tó jẹ́ kílò 60 fún mítà kan, agbára inú ẹyọ kan á lé ní tọ́ọ̀nù 55. Ohun tí kò jẹ́ kó wọ́ ni pé irin ìdè ń dì í mú mọ́ kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn, òkúta wẹ́wẹ́ sì fún kọnkéré náà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Wọ́n tún máa ń yan ìgbóná tí wọ́n á dì í mọ́lẹ̀ sí, kó má tutù jù, kó má gbóná jù, kí ìfúnpọ̀ ọ̀sán àti ìfàya òru lè jẹ́ èyí tí irin lè gbà. Níbi tí òkúta bá ti ṣófo ní ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń wọ́. Afárá wa yìí kò ní ohun tó dì í mú ní mítà 8, àárọ̀ ọyẹ́ tó tutù ni wọ́n sì gbé e sí i.

Wẹ́dà Lafẹ́nwá

Bàbá, gbogbo ẹ̀ náà, ínṣì kan tí mo sọ ni ẹ máa padà bá.

Bàbá Afárá

Ọ̀gá wẹ́dà, lórí mítà 24 ó ṣeé ṣe kí ínṣì yín bọ́ sí i. Lórí mítà 60 yóò há yín mọ́wọ́, torí ìyẹn fẹ́ rìn ju mílímítà 32 lọ. Èmi kì í mú ìwọ̀n kan fún gbogbo iṣẹ́. Mo máa ń béèrè ìgbóná irin ní ọjọ́ tí à ń fi àlàfo sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ní irin yìí máa ń wà láàárín dígírì 15 ní òru ọyẹ́ àti 60 nínú oòrùn. Gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13. Mo fẹ́ kí mílímítà 10 ṣì kù nígbà tó bá gùn tán, torí ìdọ̀tí àti torí òṣùwọ̀n wa tí kì í péye tán. Tí irin bá wà ní 30 nígbà tí ẹ ń gé e, dígírì 30 ló kù fún un láti gùn:

```
àlàfo = 10 + 24000 × 0.000012 × (60 − 30)
      = 10 + 8.6
      ≈ 19 mm
```

Ní òru ọyẹ́ àlàfo yẹn á di 23. Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan tí irin wà ní 50 ni ẹ gé e, mílímítà 13 ni ẹ máa fi sílẹ̀, kì í ṣe 19. Páànù, 65 tí ẹ rí jẹ́ ti páànù tí kò nípọn tó sì dojú kọ oòrùn. Bíìmù nípọn jù bẹ́ẹ̀, pákó sì ṣíji bò ó. Mo dúró lórí 60.

Páànù Ìtòkú

Mi ò gbà. Apá ìta bíìmù kò ní pákó lórí nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n láago mẹ́rin.

Ẹnjiníà Òkè-Mosàn

Páànù kò parọ́ níbẹ̀. Ẹ tún kíyè sí tẹ̀mómítà yẹn, ó máa ń ka ìwọ̀n tó kéré sí òótọ́ lórí irin tó ń dán. Ẹ lẹ téèpù dúdú tí kò dán mọ́ irin, ẹ jẹ́ kó gbóná tó irin, orí téèpù náà ni kí ẹ yìn ín sí. Tó bá jẹ́ 65 ni ẹ rí, mílímítà kan àtààbọ̀ péré ló máa fi kún un, inú mílímítà 10 yẹn ló sì máa bọ́ sí.

Ní ti ògiri, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí òpin ibi tó sán, kí ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó bá ń ṣí tó ń pa dé pẹ̀lú oòrùn, bíìmù ló ni ín. Èyí tó bá ń fẹ̀ lẹ́yìn òjò tí kì í padà, ilẹ̀ ni ẹ máa bá jà, àlàfo kò ní wò ó sàn. Mo ṣì ń fura sí ilẹ̀.

Ọmọ Adìgbẹ

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun á mú gíráńdà wá lọ́sàn-án Sátidé láti gé etí kan.

Bàbá Afárá

Kì í ṣe lọ́sàn-án! Lọ́sàn-án, tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń fún ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé. Bí ẹ bá ti ń gé e wọlé ni yóò máa pa dé mọ́ ojú gíráńdà, á gbá a mú, dísíìkì á fọ́ sí ẹni tó mú un lójú. Ẹ gé e láàárọ̀ kùtù, nígbà tí irin bá sún mọ́ ìgbóná ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí i, tí kò sí agbára púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí àárọ̀ bá tutù ju ti ọjọ́ yẹn lọ, á là sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ síbẹ̀. Kí ẹ sì tó gé ohunkóhun, ẹ fi irin ìtìlẹ́yìn gbé bíìmù náà láti abẹ́, torí kọnkéré tí wọ́n dà bò ó ló gbé e ní etí yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gba orí rẹ̀ kọjá títí ẹ ó fi parí.

Etí tí ògiri rẹ̀ kò sán ni kí ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Etí tó sán ni kí ẹ tú. Ẹ ṣe ibi ìjókòó tó tẹ́jú fún bíìmù náà lórí ògiri, kí ẹ lu ihò gbọọrọ sí irin ìsàlẹ̀ fún bóòtù. Fún bóòtù mílímítà 20, ihò tó gùn ní mílímítà 60 á tó. Ẹ má fi bóòtù sí àárín ihò lásán. Ẹ wo ìgbóná ọjọ́ náà, kí ẹ fi ibi tó pọ̀ jù sílẹ̀ ní apá tí yóò gùn sí. Nọ́ọ̀tì méjì ni kí ẹ dè lé ara wọn, èyí ìsàlẹ̀ kó má fún bíìmù mọ́lẹ̀. Mo ti rí ihò gbọọrọ tó dára tí wọ́n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Bí ẹni pé wọ́n tún jó o padà ni.

Wẹ́dà Lafẹ́nwá

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Kí ni a máa fi sábẹ́ rẹ̀ tí yóò fi máa yọ̀? Rọ́bà afárá wọ́n. Ṣé irin pẹlẹbẹ méjì àti gíríìsì ò tó?

Bàbá Afárá

Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó fúyẹ́ bí èyí, ó tó. Kódà tí wọ́n bá dípẹtà, fífà tí wọ́n máa fa ògiri kò ní tó tọ́ọ̀nù kan ní etí bíìmù kọ̀ọ̀kan, torí ìwúwo tó jókòó sórí wọn kò pọ̀. Ẹ bo àlàfo náà pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí a jó mọ́ apá kan ṣoṣo, kí yanrìn àti nálọ́ọ̀nù pyọ́ wọ́tà má baà dí i. Kí ẹnì kan máa gbá abẹ́ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó parí lọ́dọọdún, kí oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta tó dé.

Wẹ́dà Lafẹ́nwá

Apá kan ṣoṣo. Ó dáa. Ọmọ Adìgbẹ, bí wẹ́dà yín bá ń bẹ̀rù ihò gbọọrọ yẹn, kó gbé irin rẹ̀ wá sí Lafẹ́nwá, a ó fi dírílì lu ihò mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó sì gé àárín wọn jáde. Kó má fi iná gé e, á rí jágajàga, bóòtù á sì máa há níbẹ̀.